Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ọtí sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ikùn rẹ̀ ti wálẹ̀: ṣé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti jinná?

Àbíkẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú àárọ̀ o. Oṣù kìíní ọdún yìí la gbé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dé ọsibítù. Ọmọ ọdún 47 ni. Ikùn rẹ̀ ti le bí ìlù, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ẹyinjú rẹ̀ ti di yẹ́lò. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi lítà mẹ́fà jáde nínú ikùn rẹ̀, wọ́n ní sìróósìsì ni, ìyẹn ni pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti lápàá, ọtí ló fà á. Láti ọjọ́ yẹn kò fẹnu kan ọtí mọ́. Oṣù mẹ́ta ti pé báyìí, ikùn ti pẹlẹbẹ, ojú ti mọ́, ó ń jẹun. Àyẹ̀wò méjèèjì rèé:

```
Jan:  Bilirubin 5.8  Albumin 2.3  INR 1.9  AST 152  ALT 58  Platelets 84
Apr:  Bilirubin 1.7  Albumin 3.2  INR 1.4  AST 41   ALT 29  Platelets 88
```

Sikáànù tuntun ṣì ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ rí gbágungbàgun, ọlọ inú rẹ̀ sì tóbi. Oògùn tó ń lò ni sipironoláátóònù 100 àti Lásíìsì 40 tó ń fa omi, kafẹ́dílọ́ọ̀lù 6.25 àti omi dídùn kan tí wọ́n ń pè ní láátúlóòsì. Ṣé ẹ̀dọ̀ ti jinná? Ṣé ó lè dá oògùn tó ń fa omi dúró nígbà tí ikùn ti wálẹ̀? Ọmọ rẹ̀ obìnrin máa ṣègbéyàwó ní Disẹ́ńbà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń sọ pé ìgò bíà kan ṣoṣo kì í pa èèyàn. Ẹni tó bá mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Ọmọ Alákùúkọ

Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ kú ewu o, ẹ sì kú oríire. Ẹ̀dọ̀ máa ń hù padà, ẹ má fòyà. Èmi fúnra mi rí i. Ní 2022 ni ibi iṣẹ́ wa ṣe àyẹ̀wò fún gbogbo wa, sikáànù mi ní ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀ mi. Ìgò bíà ńlá mẹ́ta sí mẹ́rin ni mò ń mu lálaalẹ́ nígbà yẹn. Mo dá a dúró pátápátá. Nígbà tí mo padà lọ ya sikáànù lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ̀dọ̀ ti mọ́ bí ti ọmọdé. Kò sí oògùn kankan tí mo lò.

Èsì ti ẹ̀gbọ́n yín náà ti wálẹ̀ gbogbo. Lójú tèmi, ó ti jinná. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi oògùn dè é mọ́lẹ̀ títí ayé.

Bàbá Eléwé

Ọmọ mi, ojú tó di yẹ́lò, ibà pọ́njú ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ọtí lẹ ń sọ pé ó fa gbogbo nǹkan. Egbò kan wà tí a máa ń rẹ sínú ògógóró fún ọjọ́ mẹ́ta, kó máa mu ife kékeré kan láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó máa fọ ẹ̀dọ̀ náà mọ́.

Dẹrẹ́bà Ọjọ́ọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó kàn fi ọtí sílẹ̀ lójijì o! Èmi ṣe é rí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń mu sáṣẹ́ẹ̀tì, tí mo bá jí báyìí òun ni mo fi ń fọ ẹnu. Mo lọ sí ìsọjí kan, mo ju gbogbo rẹ̀ nù lọ́jọ́ Sátidé. Lálẹ́ ọjọ́ náà ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, n kò lè di ife omi mú. Lọ́jọ́ Àìkú, ara mi rọ ṣìn-ìn fún òógùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Mọ́ńdè, gìrì mú mi ní ojú títì, wọ́n ní mo já ahọ́n mi jẹ. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wà ní ọsibítù. Kí ẹ̀gbọ́n yín máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ ni o.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti fẹ̀yìntì báyìí, ṣùgbọ́n ọdún 14 ni mo fi wà ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ẹ̀dọ̀ àti ikùn ń yọ lẹ́nu.

Dẹrẹ́bà, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́ nìyẹn. Ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára, tí kò lè jí láìmu ún, gìrì lè mú un láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, orí rẹ̀ sì lè dàrú ní ọjọ́ kejì sí ìkẹrin. Ọsibítù ló yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti jáwọ́, níbi tí wọ́n ti máa fún un ní oògùn tó ń pẹ̀rọ̀ sí ara, àti fítámìnì B1 kí wọ́n tó fa omi ṣúgà sí i lára. Ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́ ti lo oṣù mẹ́ta, ó ti kọjá afárá yẹn. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í mu díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yìn ló ń padà sí.

Bàbá Eléwé, ẹ ṣeun, àgbà ni yín. Ṣùgbọ́n ògógóró ni ohun tí wọ́n fi rẹ egbò yẹn. Ife kékeré méjì lójúmọ́, bí ife kan bá gba sẹ̀ǹtílítà márùn-ún, ohun tó wà nínú rẹ̀ ju ìgò bíà ńlá kan lọ. Àìmọye èèyàn ni mo ti tọ́jú tí wọ́n búra pé àwọn kò mutí. Bí mo bá ní, "Páràgà ńkọ́?" wọ́n á ní, "Ìyẹn kì í ṣe ọtí, ti jẹ̀díjẹ̀dí ni." Àbíkẹ́, bi ẹ̀gbọ́n rẹ ní ìbéèrè yẹn gan-an.

Ní ti Ọmọ Alákùúkọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìsàn rẹ àti tirẹ̀ kì í ṣe ipò kan náà. Ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ ṣàlàyé. Tí epo bá ta sí aṣọ, ọṣẹ lè fọ̀ ọ́ kúrò. Tí iná bá ń jó aṣọ, pípa la máa pa iná náà kíákíá. Ibi tó bá ti jó, rírán la máa rán an. Aṣọ á ṣeé wọ̀, ṣùgbọ́n ojú ìrán á wà níbẹ̀. Ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ ni tìrẹ, epo lórí aṣọ. Ẹni tó ń mu bí o ṣe ń mu, ọ̀rá fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dandan, tó bá sì jáwọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Kì í dunni, kì í wúni, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń kọjá níbẹ̀ láìmọ̀. O ṣe oríire tí sikáànù ibi iṣẹ́ bá ọ níbẹ̀.

Ti ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́, àwọn ibi kan ti jó, ara sì ti rán an. Mo ń bọ̀ lórí àyẹ̀wò yẹn, ẹ jẹ́ kí n gbé ọmọ-ọmọ mi sùn.

Ìyàwó Lékè, Pẹ́kámù

Màámi, ẹ kú iṣẹ́. Iná tí ẹ sọ yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Àbúrò ọkọ mi níbí, ọmọ ọdún 39. Ikùn rẹ̀ kò wú rárá, kò ṣàìsàn rí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara rẹ̀ di yẹ́lò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ara ń gbóná, abẹ́ ìhà ọ̀tún ń dùn ún tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn. Wọ́n ní ẹ̀dọ̀ ti wú lójijì nítorí ọtí. Wọ́n kọ́kọ́ wá àrùn kòkòrò ní ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró, kí wọ́n tó fún un ní purẹdinisolóònù mílígíráàmù 40 láràárọ̀. Ní ọjọ́ keje wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀. Bilirúbìnì, ohun tó ń mú ara di yẹ́lò, ń wálẹ̀, wọ́n bá ní kó máa lò ó dé ọjọ́ 28.

Kí ló dé tí wọn kò fún ẹ̀gbọ́n Àǹtí Àbíkẹ́ ní irú oògùn yẹn?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Oògùn yẹn wà fún ẹni tí iná ń jó lọ́wọ́lọ́wọ́, tó sì jó débi tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Ó máa ń sọ ara di ahẹrẹpẹ sí àrùn kòkòrò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́kọ́ wá a kiri. Tí ọjọ́ keje bá pé tí ojú kò mọ́ rárá, wọ́n á dá a dúró, torí kò ní ṣe é láǹfààní mọ́, ewu nìkan ló kù. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Bìrìtéènì, tí wọ́n gbé jáde ní 2015, fi hàn pé bó bá tiẹ̀ ń ranni lọ́wọ́, oṣù àkọ́kọ́ ni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó lò ó àti ẹni tí kò lò ó. Ohun tó ń ya àwọn tó wà láàyè lẹ́yìn ọdún kan sọ́tọ̀ ni pé wọn kò padà sídìí ọtí. Ẹ sọ ìyẹn fún àbúrò ọkọ yín.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́ náà ní iná díẹ̀ lára ní oṣù kìíní, lórí ojú àpá tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni méjèèjì máa ń pàdé. Àwọn dókítà tó rí i lójúkojú ló mọ ohun tí wọ́n rò tí wọn kò fi fún un, n kò ní bá wọn ṣe é láti orí fóònù.

Ó yá, àyẹ̀wò. Àbíkẹ́, má wo gbogbo nọ́ńbà yẹn bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. AST àti ALT ni èéfín: wọ́n ń sọ bóyá nǹkan ń jó. Ní oṣù kìíní, AST ju ìlọ́po méjì ALT lọ, bí ọtí ṣe sábà máa ń ṣe nìyẹn. Ní oṣù kẹrin, èéfín ti rọlẹ̀. Èyí dára, ṣùgbọ́n ilé tó ti jó tán náà kì í rú èéfín. AST tó wálẹ̀ kò sọ pé àpá ti lọ.

Bilirubin, Albumin àti INR ló ń sọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀dọ̀ ló ń kó nǹkan yẹ́lò yẹn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń ṣe àlíbúmìnì tó ń di omi mú sínú iṣan, òun ló ń ṣe ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, èyí tí INR ń wọ̀n. Iṣẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń padà bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣì ku díẹ̀. Àwọn ibi tó kù láìjó nínú ẹ̀dọ̀, tí ọtí ń lù mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, ti rí àyè mí. Ìdí nìyẹn tí omi fi gbẹ.

Wàyí o, wo Platelets, àwọn hóró kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá a dì: 84, 88. Kò kúrò lójú kan. Ìyẹn ló ń sọ nípa ọ̀nà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun bọ̀ gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá. Àpá ti fún ọ̀nà náà pa, ẹ̀jẹ̀ ń pọ́n sẹ́yìn, ọlọ inú ń wú, ó sì ń gbé pílétílẹ́ẹ̀tì mì. Ẹ̀jẹ̀ kan náà máa ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gba ọ̀fun ìsàlẹ̀, àwọn iṣan ibẹ̀ á wú bí okùn. Tí ọ̀kan bá bẹ́, èèyàn á máa bì ẹ̀jẹ̀. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe fún un ní kafẹ́dílọ́ọ̀lù.

Nítorí náà, iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ti ń padà, ojú àpá ṣì wà. Àpá lè rọ̀ díẹ̀ bí ọdún bá ń gorí ọdún láìsí ọtí, mo ti rí i, ṣùgbọ́n ojú àpá kò lè jọ ojú ara.

Àbíkẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó

Màmá, omi bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń ka èyí. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé báyìí fún wa rí. Mo bi í léèrè nípa páràgà. Ó dákẹ́, ó ní àgbo ni obìnrin tó wà lẹ́nu géètì ibi iṣẹ́ àwọn ń tà, ife méjì láàárọ̀ fún ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọdún méjìdínlógún. Bíà mẹ́ta lálẹ́ nìkan ló sọ fún dókítà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìgò bíà ńlá, sẹ̀ǹtílítà 60, tó bá jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ọtí gidi inú rẹ̀ tó gíráàmù 24. Mẹ́ta jẹ́ 72. Ife páràgà méjì, tí wọ́n bá fi ògógóró tó le bí ìdá 40 ṣe é, tó gíráàmù 32. Lójoojúmọ́, ó lé ní 100. Èèyàn tó bá ń mu ju 30 lọ lójúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ti wà lójú ewu. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tó mu tó yẹn ló ń ní sìróósìsì, ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi rò pé irọ́ ni.

Nítorí náà, ní ti Disẹ́ńbà: rárá. Ìgò kan kì í pa èèyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìwọ̀n tó dára fún ẹ̀dọ̀ tó ti lápàá, ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára fún ọdún méjìdínlógún kì í sì sábà dúró sórí ìgò kan. Mo ti gba àwọn tó padà dé lẹ́yìn Kérésìmesì pẹ̀lú ikùn ńlá. Ẹ fún un ní mọ́ọ̀tì tàbí omi tútù nínú ife, kó dì í mú kí ẹnikẹ́ni má baà gbé nǹkan mìíràn fún un.

Ní ti oògùn omi: kó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Kó má sì máa lò ó láìsí àyẹ̀wò náà. Sipironoláátóònù lè mú pòtáṣíọ̀mù gòkè, Lásíìsì lè mú sódíọ̀mù wálẹ̀, méjèèjì lè fún kíndìnrín lọ́rùn nígbà tí kò sí omi tí wọ́n máa fà mọ́. Dókítà máa gba ẹ̀jẹ̀, á sì dín in kù ní ìdá kan lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ tìrẹ ni òṣùwọ̀n. Kó gun òṣùwọ̀n láràárọ̀, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀, kó tó jẹun, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kílò mélòó ló wà?

Àbíkẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó

66 láàárọ̀ yìí. 79 ni ní ọjọ́ tí a gbé e dé.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

66 la máa fi ṣe òdiwọ̀n. Níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ kò wú mọ́, tó bá ń já ju ìdajì kílò lọ lójúmọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, oògùn ti pọ̀ jù fún un. Tó bá gòkè kílò méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, omi ń padà bọ̀, kódà bí ikùn kò bá tíì hàn. Ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ gbé lọ fún dókítà.

Ọmọ Alákùúkọ

Màámi, mo gba ẹ̀bi. N kò mọ̀ pé ìyàtọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, èmi tó ti mọ́, mo ti ń mu ìgò kan ní òpin ọ̀sẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ṣé ó burú?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ìgò kan lọ́sẹ̀ kọ́ ló kó ọ̀rá jọ fún ọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kó má di mẹ́ta. Ya sikáànù lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o sì wọn ṣúgà àti ìbàdí rẹ, torí ọ̀rá ẹ̀dọ̀ kì í ti ọ̀dọ̀ ọtí nìkan wá.

Ìyàwó Lékè, Pẹ́kámù

Àǹtí Àbíkẹ́, kí ni ó ń jẹ? Nílé, wọ́n sọ fún màmá ọkọ mi pé ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń dùn kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà.

Àbíkẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ohun tí wọ́n sọ fún àwa náà nìyẹn. Ògì àti èso nìkan ló ń jẹ. Apá rẹ̀ ti tín-ín-rín bí igi àṣá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ha, Àbíkẹ́! Ẹ gbé ẹja àti ẹ̀wà fún un lónìí. Láyé àtijọ́ ni a máa ń fi irú oúnjẹ yẹn dù wọ́n, èmi fúnra mi ti gba àwo ẹja lọ́wọ́ aláìsàn rí, mo sì ń kábàámọ̀ rẹ̀. Ẹran ara apá àti itan náà máa ń bá ẹ̀dọ̀ ṣe iṣẹ́ ìfọmọ́. Tó bá yọ, orí máa ń tètè dàrú. Ẹni tó bá tẹ̀ wọ̀n 66 nílò purotéènì tó nǹkan bí gíráàmù 80 lójúmọ́. Ẹyin méjì, ife ẹ̀wà sísè kan, ègé ẹja tó nípọn méjì, àti mọ́ínmọ́ín kan á súnmọ́ ọn.

Mọ́ínmọ́ín yẹn, alẹ́ ni kó jẹ ẹ́, pẹ̀lú ẹ̀kọ, kó tó wọ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀dọ̀ tó dá pé máa ń fi oúnjẹ pamọ́ fún òru. Tirẹ̀ kò lè fi pamọ́ tó, nítorí náà bó bá sun wákàtí mẹ́wàá láìjẹun, ara rẹ̀ á máa jẹ ẹran apá rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo sọ, èyí ni àwọn èèyàn kì í kà sí, òun ni mo sì rí tó ń dá èèyàn padà.

Ohun tí ẹ máa dù ú ni iyọ̀. Ṣíbí kékeré kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún gbogbo ọjọ́, Mágì, búrẹ́dì àti nuudù sì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ata, àlùbọ́sà, efinrin àti irú tí wọn kò fi iyọ̀ sí gbé ọbẹ̀ náà dìde. Tí ara bá ń ro ó, kó má lo íbúpurofẹ́ẹ̀nì tàbí dikulofénàkì, torí kíndìnrín. Parasitamọ́ọ̀lù ló sàn, kó má ju hóró mẹ́rin lọ láàárín wákàtí 24, ìyẹn oníwọ̀n 500.

Ṣé wọ́n ti yẹ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B wò lára rẹ̀? Ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, tó bá sì dúró pẹ̀lú ọtí, ó máa ń sáré. Tí kò bá ní i, kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀.

Bàbá Eléwé

Mo ń kà gbogbo rẹ̀. Tí a bá fi omi lásán rẹ egbò náà ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Bàbá, ìyẹn ti dára ju ti ògógóró lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ló ń bá gbogbo egbò jà kó tó kúrò lára, tirẹ̀ kò sì ní agbára tí yóò fi dán tuntun wò. Tó bá jẹ́ ọmọ yín, mo mọ̀ pé ẹ máa ní kó dúró ná.

Bàbá Eléwé

N kò gbà pé gbogbo egbò ló burú. Ṣùgbọ́n kó fi ti ògógóró sílẹ̀, mo gbà.

Àbíkẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó

Wọn kò tíì yẹ B wò, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan kù, Màmá. Omi dídùn yẹn, ó ti dá a dúró fún bí ọjọ́ mẹ́rin. Ó ní ó ń dùn jù, inú rẹ̀ ń ru, òun kò sì ní àìrígbẹ́yà. Láti àná ló ti ń sun lọ́sàn-án, tó ń rìn kiri lóru. Láàárọ̀ yìí ó di bọ́tìnnì ẹ̀wù, ó di í gba ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, ó tú u, ó tún di í bẹ́ẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo rò pé kò sùn dáadáa ni.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Àbíkẹ́, ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kó tẹ àtẹ́lẹwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró. Kí o wò ó fún ìdajì ìṣẹ́jú. Mò ń dúró.

Àbíkẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọwọ́ ń já wálẹ̀, ó tún ń gbé e padà. Bí ìyẹ́ ẹyẹ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Àìsùn kọ́ o. Májèlé tí ẹ̀dọ̀ kò lè fọ̀ tó ló ń dé ọpọlọ. Ìdọ̀tí inú ìfun ló ti ń wá, láátúlóòsì kì í sì í ṣe oògùn àìrígbẹ́yà fún un, òun ló ń gbá a jáde. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lónìí, kó má jẹ́ ọ̀la. Àìlo oògùn yìí lè fà á, ṣùgbọ́n àrùn kòkòrò inú omi ikùn, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú, tàbí oògùn omi tó pọ̀ jù náà lè fà á, ẹnikẹ́ni kò sì lè mọ̀ láti ilé. Bi í bóyá ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà. Wò ó bóyá ara rẹ̀ gbóná. Kẹ́ ẹ má fún un ní oògùn oorun kankan. Tó bá ṣì ń gbé nǹkan mì dáadáa, fún un ní mílílítà 30 láátúlóòsì báyìí kẹ́ ẹ tó jáde, kí o sì mú ìwé òṣùwọ̀n náà dání.

Dẹrẹ́bà Ọjọ́ọ̀

Àǹtí, ibo lẹ wà gan-an? Ìjẹ̀bú ni mò ń ná báyìí, mo lè wá gbé yín.

Àbíkẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ ṣeun, bọ̀ọ̀dá mi. Ọkọ mi ti gbé mọ́tò jáde. Ìgbẹ́ kò dúdú, ara kò gbóná. Ó ti mu ún.

Àbíkẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó (ọjọ́ kẹta)

Ẹ kú àdúrótì. Wọ́n fa omi díẹ̀ nínú ikùn rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí àrùn kòkòrò níbẹ̀. Sódíọ̀mù rẹ̀ ló ti wálẹ̀ sí 126, wọ́n ti dá Lásíìsì dúró, wọ́n sì dín sipironoláátóònù kù sí 50. Láátúlóòsì ti padà, ìgbà mẹ́ta ló yàgbẹ́ lánàá, dókítà ní méjì sí mẹ́ta tó rọ̀ lójúmọ́ ni kí a máa wò fún, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ kí a dín oògùn náà kù. Ó ti mọ orúkọ gbogbo wa, bọ́tìnnì rẹ̀ sì wọlé láàárọ̀ yìí. Wọ́n máa fi kámẹ́rà wo ọ̀fun rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láti mọ bí àwọn iṣan yẹn ṣe wú tó. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B kò sí. Wọ́n ní sikáànù ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, torí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mutí mọ́.

Màmá, ó sọ fún mi lóru àná pé òùngbẹ ọtí ṣì ń gbẹ òun ní gbogbo ìgbà tó bá di aago méje alẹ́. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ṣé oògùn wà fún ìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ó wà. Bákúlófẹ́ẹ̀nì ni wọ́n ti dán wò lára àwọn tó ní sìróósìsì, ṣùgbọ́n ó lè da orí rú, nítorí náà kì í ṣe ọ̀sẹ̀ yìí tí orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀. Kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún dókítà kó tó kúrò ní wọ́ọ̀dù. Aago méje yẹn ńkọ́, ibo ló máa ń wà ní àkókò yẹn tẹ́lẹ̀?

Àbíkẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ibi iṣẹ́ ló ti máa ń jáde. Ibi tí wọ́n ti ń ta bíà kò ju ilé méjì lọ sí tirẹ̀.

Dẹrẹ́bà Ọjọ́ọ̀

Ẹ fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, Àǹtí. Aago méje ni èmi náà máa ń gbé mọ́tò sílẹ̀. Màá máa pè é.